Bí a ṣe ń kéde ẹ̀yáwó tó pẹ́ láìsọ “ìṣòro”, “a kùnà” àti “ó ṣeni láàánú”, láì sì fi òtítọ́ pamọ́

Nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn Yorùbá tó wà ní Kubwa, Nyanya àti agbègbè wọn ní Àbújá, ìkéde kan wà tí ọ̀pọ̀ akọ̀wé kì í rí kọ dáadáa. Òun ni èyí tó ń sọ fún ọmọ ẹgbẹ́ pé owó tí a ṣèlérí fún un kò ní í wọlé lọ́jọ́ tí a dá. Ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà máa ń gbà bà á jẹ́. Àwọn kan á kó ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ jọ títí jìnnìjìnnì á fi bo gbogbo ẹgbẹ́, tí àwọn kan á sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó àjọ wọn padà. Àwọn mìíràn á fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀, ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò lọ ra ẹ̀wà ní ọjà Dawanau ní Kánò á sì ti dé ibùdókọ̀ kó tó gbọ́ pé owó kò sí.

Ìkéde kan ṣoṣo la ó tún kọ níbí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àpẹẹrẹ ni ẹgbẹ́ náà àti iye owó inú rẹ̀, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ti ṣe akọ̀wé rí. Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí ẹ̀yáwó fún ẹni mẹ́jọ, ₦400,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gbà á ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦3,200,000. Ohun tó wà ní báńkì jẹ́ ₦2,000,000. Èyí ni akọ̀wé kọ́kọ́ kọ:

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ṣeni láàánú láti sọ fún yín pé nítorí ìṣòro kan tó yọjú, a kùnà láti san gbogbo owó ẹ̀yáwó oṣù yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ ó gbọ́ láti ọ̀dọ̀ wa láìpẹ́.”

Ohun tí ẹ ní láti kó jọ kí ẹ tó kọ ọ́

Ẹ má ì tíì fọwọ́ kan fóònù. Ẹ kọ nǹkan mẹ́rin yìí sórí ìwé ná:

- Iye tó wà ní báńkì láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ kéde, gẹ́gẹ́ bí báńkì ṣe fi hàn. Ẹ má gbára lé ohun tí akápò rántí.
- Àwọn tó ń retí owó, pẹ̀lú ọjọ́ tí ìwé ìbéèrè ẹnì kọ̀ọ̀kan wọlé.
- Ibi tí owó tó kù wà, ọ̀dọ̀ ta ni, àti ọjọ́ tó yẹ kó ti wọlé.
- Owó tó kàn tí yóò wọlé, iye rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀, àti ohun tó lè dí i lọ́wọ́.

Nínú àpẹẹrẹ wa, ₦1,200,000 tó kù wà lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta tó ti yá owó tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ló yẹ kí wọ́n ti san án tán. Owó tó kàn ni owó àjọ oṣù Kọkànlá. Ogójì ọmọ ẹgbẹ́ ń dá ₦20,000, ìyẹn ₦800,000, ọjọ́ 5 ni gbogbo rẹ̀ sì máa ń pé.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: kíka owó tí ẹnì kan fẹnu sọ. Bí onígbèsè bá ní “mo máa san án lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀”, ẹ kọ ọ́ sí apá ibòmíràn. Kì í ṣe owó títí báńkì á fi rí i.

Àyẹ̀wò: ẹ fi iye tó wà kún iye tó kù. Bí kò bá jẹ́ ₦3,200,000 gan-an, nǹkan kan wà tí ẹ kò tíì mọ̀. Ẹ wá a rí kí ẹ tó kọ gbólóhùn kan.

Ìpele 1: Ẹ fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò ní ìròyìn nínú

Ẹ ka ìkéde àkọ́kọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ fa ìlà sábẹ́ “ó ṣeni láàánú”, “ìṣòro”, “a kùnà” àti “láìpẹ́”. Ohun tó mú kí a fa ìlà sábẹ́ wọn kì í ṣe pé wọ́n burú létí. Wọ́n gba ipò ìròyìn, wọn kò sì mú ìròyìn wá. “Ìṣòro” kò sọ iye. “A kùnà” kò sọ ohun tí ẹ ṣe àti èyí tí ẹ kò ṣe. “Ó ṣeni láàánú” sọ bó ṣe rí lára akọ̀wé, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ owó ara rẹ̀ ló wà lọ́kàn ẹni tó ń kà á.

Nítorí ìdí yìí kan náà ni “ìpèníjà” kò fi tún nǹkan kan ṣe. Ọ̀pọ̀ ìkéde ni wọ́n ti yọ “ìṣòro” kúrò tí wọ́n sì fi “ìpèníjà” rọ́pò rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń gbọ́ ọ lórí rédíò. Ihò kan náà ṣì wà nínú gbólóhùn. Aṣọ ni wọ́n pààrọ̀ fún un. Ẹ fa ìlà sábẹ́ òun náà, àti “ìdíwọ́ díẹ̀”, àti “àwọn ohun tó kọjá agbára wa”.

Àyẹ̀wò: ẹ ka ohun tó kù láìka àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ fa ìlà sí. Nínú ìkéde yìí, ìkíni àti “ẹ má bínú” nìkan ló ṣẹ́ kù. Ìyẹn fi hàn pé kò sí ìròyìn níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àtúnkọ pátápátá ló nílò.

Ìpele 2: Ẹ fi òótọ́ tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà rọ́pò rẹ̀

Iṣẹ́ gan-an wà níbí, ẹ má kánjú. Ẹ mú ọ̀rọ̀ tí ẹ fa ìlà sí lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì bi í léèrè: kí ni? mélòó? ìgbà wo? ta ni? Ìdáhùn rẹ̀ ni kí ẹ kọ sípò rẹ̀.

“Ìṣòro kan tó yọjú.” Kí ni? Owó kò pé. Mélòó? ₦1,200,000. Ọwọ́ ta ló wà? Ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta tó jẹ gbèsè. Láti ìgbà wo? Ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án. Ohun tí ẹ ó kọ nìyí: “₦1,200,000 tó kù jẹ́ gbèsè tí ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta yẹ kí wọ́n ti san ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án, wọn kò sì tíì san án.” Kò sí ọ̀rọ̀ “ìṣòro” níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òótọ́ tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

“A kùnà láti san gbogbo owó.” Kí lẹ lè san? Ti ẹni márùn-ún. Kí lẹ kò lè san? Ti ẹni mẹ́ta. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Ẹni márùn-ún yóò gba owó wọn ní ọjọ́ 15. Ẹni mẹ́ta kò ní í gbà á lọ́jọ́ náà.” Gbólóhùn méjèèjì gbọ́dọ̀ wà. Ẹni tó bá kọ ti ẹni márùn-ún tó sì fi ti ẹni mẹ́ta sílẹ̀ kò purọ́ lójú ara rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta náà á ní ó tan àwọn, wọ́n á sì jàre.

“Ó ṣeni láàánú” kò ní ìdáhùn kankan sí ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ yọ ọ́ kúrò láìfi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ ní àyè tirẹ̀ níwájú.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà jù ní ìpele yìí ni fífi ẹni tó ṣe nǹkan pamọ́. “Ó wá jẹ́ pé owó kò tó” dún bí ẹni pé òjò ló gbé e lọ. Ìgbìmọ̀ ló fọwọ́ sí ẹ̀yáwó mẹ́jọ nígbà tí gbèsè kò tíì wọlé. Ìyẹn jẹ́ ara òótọ́ ọ̀rọ̀ náà, orí ìgbìmọ̀ ló sì wà: “Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí ẹni mẹ́jọ kí gbèsè yìí tó wọlé.” Bí ẹ bá fi gbólóhùn yìí sílẹ̀, ẹ̀bi á bọ́ sórí onígbèsè mẹ́ta nìkan, ẹgbẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá orúkọ wọn kiri.

Orúkọ wọn kò sì gbọ́dọ̀ jáde lórí Wásáàpù ẹgbẹ́. Iye àti ọjọ́ ló kan gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Orúkọ kan ìgbìmọ̀ àti àwọn onídùúró. A kò pa òótọ́ mọ́ nípa bẹ́ẹ̀, nítorí ìwé akápò wà níbẹ̀ fún ẹni tí òfin ẹgbẹ́ bá gbà láàyè láti wò ó.

Àyẹ̀wò: ẹ ka gbólóhùn tuntun kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wò ó bóyá ó ní ó kéré tán ọ̀kan nínú iye, ọjọ́ tàbí ẹni tó ṣe é. Èyí tí kò bá ní ìkankan, ẹ dá a padà sí ìpele 1.

Ìpele 3: Ẹ mọ ọ̀rọ̀ líle tí ó gbọ́dọ̀ dúró

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ líle la ń yọ. “Gbèsè” dúró, nítorí gbèsè ni. Bí ẹnì kan bá jí owó, “jí” ni ẹ ó kọ. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú, “ó dùn wá” ló yẹ ibẹ̀. Ìkéde òfò kì í ṣe ibi tí à ń wá gbólóhùn tó ń tani jí. “Kò” náà dúró níbikíbi tí nǹkan kò bá ní í ṣẹlẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra gidi pẹ̀lú “kò tíì”. Ó rọ ju “kò” lọ, nítorí náà ọwọ́ akọ̀wé máa ń yá sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ “owó yín kò tíì wọlé” ti gbọ́ pé ó ń bọ̀ lọ́nà. Fún onígbèsè mẹ́ta, “wọn kò tíì san án” tọ́, nítorí pé a ṣì ń retí rẹ̀, onídùúró wọn sì wà níbẹ̀. Bí ìgbìmọ̀ bá ti wọ́gi lé ìbéèrè ẹnì kan pátápátá, “a kò tíì fọwọ́ sí i” di ẹ̀tàn. “A kò fọwọ́ sí i” ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì fi ìdí rẹ̀ tì í.

Ìpele 4: Ẹ to ọ̀rọ̀ náà bí ojú ṣe máa rí i lórí fóònù

Wásáàpù máa ń gé ọ̀rọ̀ gígùn, á sì fi `Read more` sí ìsàlẹ̀. Nígbà tí fóònù bá sì kọ́kọ́ dún, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìkan ló ń hàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó wà nínú ọkọ̀ láti Mararaba wọ Wuse láàárọ̀ kò ní í ka ju ìyẹn lọ. Bí ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ bá jẹ́ ìkíni àti àdúrà, ìròyìn ti sọnù nìyẹn. Ẹ kí wọn ní ìwọ̀n gbólóhùn kan, nítorí pé ìkíni yẹ láàárín wa, kí gbólóhùn kejì sì jẹ́ ohun tó yí padà.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìdí, lẹ́yìn ìdí ni ohun tí ẹ ń ṣe àti ọjọ́ rẹ̀, lẹ́yìn èyí ni ohun tí ẹni tó ń kà á lè ṣe. Ibi tó kẹ́yìn yìí ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń ran ẹni tí owó kò kàn lọ́wọ́. Ẹ̀wà tuntun máa ń wọ ọjà ní ìhà Àríwá láàárín oṣù Kẹwàá sí oṣù Kọkànlá. Ẹni tó ń retí owó láti ra ẹ̀wà nílò láti mọ̀ lónìí bóyá kó sún ìrìn àjò rẹ̀ síwájú, kó wá owó níbòmíràn, tàbí kó gba díẹ̀.

Ìpele 5: Ẹ sọ ohun tí ẹ kò mọ̀, kí ẹ sì dá ọjọ́ fún ìròyìn rẹ̀

Owó àjọ oṣù Kọkànlá lè tó fún ẹni méjì nínú mẹ́ta. Ẹni kẹjọ ńkọ́? Owó tirẹ̀ wà nínú gbèsè, kò sì sí ẹni tó mọ ọjọ́ tí gbèsè yóò wọlé. Níbí ni “láìpẹ́” ti máa ń yọjú, ó sì máa ń ba gbogbo iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ jẹ́. Ẹ má dá ọjọ́ tí ẹ kò ní. Ẹ dá ọjọ́ ohun tó wà níkàáwọ́ yín: ọjọ́ tí ẹ ó bá onígbèsè jókòó, àti ọjọ́ tí ẹ ó sọ àbájáde rẹ̀. Ẹ lè pa àwọn méjèèjì mọ́ bí owó kò tilẹ̀ wọlé.

Owó àjọ náà lè dín. Nítorí náà “bí ó bá pé” gbọ́dọ̀ wà nínú gbólóhùn, ní ẹ̀gbẹ́ iye rẹ̀ gan-an.

Ìpele 6: Ẹ bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, fún ohun kan pàtó

“Ẹ má bínú” kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń sá fún. Láàárín Yorùbá, ìkéde tí kò ní in á dún bí ìgbéraga, pàápàá nígbà tí bàbá àti ìyá wà nínú ẹgbẹ́. Ẹ kàn so ó mọ́ ohun tí ẹ ṣe: “Ẹ má bínú pé a fún yín ní ọjọ́ kí owó tó pé lọ́wọ́ wa.” Lẹ́yìn ìdí ni àyè rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan sì tó. Bí ẹ bá tún un sọ nígbà mẹ́ta, àwọn tí owó wọn kò mì rárá á bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ohun tó burú ju èyí lọ ló wà nílẹ̀.

Ìkéde tó jáde nìyí:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, àti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.

Nínú ẹni mẹ́jọ tí ẹ̀yáwó wọn kàn ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá, ẹni márùn-ún yóò gbà á lọ́jọ́ náà. Ẹni mẹ́ta kò ní í gbà á lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ tí ìwé ìbéèrè wọlé la fi tò ó, akápò sì ti pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

₦3,200,000 la nílò, ₦2,000,000 ló wà ní báńkì. ₦1,200,000 tó kù jẹ́ gbèsè tí ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta yẹ kí wọ́n ti san ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án, wọn kò sì tíì san án. Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí ẹni mẹ́jọ kí gbèsè yìí tó wọlé. Ẹ má bínú pé a fún yín ní ọjọ́ kí owó tó pé lọ́wọ́ wa.

Bí owó àjọ oṣù Kọkànlá bá pé ₦800,000 ní ọjọ́ 5, ẹni kẹfà àti ẹni keje yóò gba tiwọn ní ọjọ́ 7. A kò tíì ní ọjọ́ fún ẹni kẹjọ, nítorí inú gbèsè yẹn ni owó rẹ̀ wà. A ó bá àwọn onígbèsè àti onídùúró wọn jókòó ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, a ó sì sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé níbí ní ọjọ́ 21.

Ẹni tó bá fẹ́ dín iye tó béèrè kù, tàbí tó fẹ́ gba ìwé rẹ̀ padà, kó pe akápò kó tó di ọjọ́ 14.”

Ìpele 7: Ẹ dán an wò, ẹ pe àwọn tó kàn, kí ẹ tó fi ránṣẹ́

Ẹ fún ẹnì kan tí kò sí nínú ìgbìmọ̀ kó kà á lẹ́ẹ̀kan. Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì bi í pé: ẹni mélòó ni kò ní í gbowó? Kí ló fà á? Èwo ni kò tíì ní ọjọ́? Bí ó bá dáhùn àwọn méjì tó sì ṣi ẹ̀kẹta, ẹ tún gbólóhùn tó yẹ kó ti rí i kọ. Bí ó bá ní “ó jọ pé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa”, ẹ ti fi ọ̀rọ̀ dídùn bo nǹkan mọ́lẹ̀ níbì kan. Bí ó bá ní “ṣé owó ẹgbẹ́ ti run ni?”, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbé ìdí ṣáájú iye tó wà ní báńkì.

Kí akápò pe ẹni mẹ́ta náà lórí fóònù kí ìkéde tó dé ojú gbogbo ayé. Kò yẹ kí Alhaja tó ń retí ₦400,000 bá ìròyìn ara rẹ̀ pàdé láàárín ogójì ènìyàn.

Lẹ́yìn tí ẹ bá fi ránṣẹ́, ìbéèrè tó ń padà wá ni àyẹ̀wò tó dára jù. Bí ẹni mẹ́ta bá béèrè “ìgbà wo?”, ọjọ́ ti rì sínú ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ẹnì kan bá kọ “ìgbìmọ̀ yìí ti kùnà”, ẹ má bá a jiyàn lórí ọ̀rọ̀ tó lò. Ẹ dáhùn pé: “Bẹ́ẹ̀ ni, ẹni mẹ́ta kò gbà á lọ́jọ́ tí a dá, ìgbìmọ̀ ló sì dá ọjọ́ náà. A ó mú àbájáde ìjókòó wá ní ọjọ́ 21.” Àwa la yan ọ̀rọ̀ tiwa. Ẹni tí nǹkan dùn ní ẹ̀tọ́ sí tirẹ̀.

Ìpele 8: Ọjọ́ 21

Ẹ kọ̀wé lọ́jọ́ náà, kódà bí kò bá sí owó. Ká ní ẹnì kan nínú onígbèsè mẹ́ta san ₦150,000, àwọn méjì yòókù kò sì wá síbi ìjókòó, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: “₦150,000 ti wọlé nínú ₦1,200,000. Onígbèsè méjì kò wá síbi ìjókòó. Lẹ́tà ti lọ sọ́dọ̀ onídùúró wọn lónìí, ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá la fún wọn láti dáhùn. Ẹni kẹjọ kò tíì ní ọjọ́. Ìròyìn tó kàn yóò jáde ní ọjọ́ 5.” Ẹ má kọ “a ní ìlọsíwájú”. ₦150,000 ni ìlọsíwájú náà, ẹni tó ń kà á á sì fúnra rẹ̀ wò ó bóyá ó tó.